Lp(a) mi ga, wọ́n ní oúnjẹ àti eré ìdárayá ò lè mú un wálẹ̀: kí ni ká ṣe sí i?

Àbẹ̀kẹ́, Lútọ̀n

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹni ọdún 44 ni mí. Bàbá wa kú lójijì l'Abẹ́òkúta nígbà tí wọ́n wà lẹ́ni ọdún 52. Àyà ń dùn wọ́n láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti lọ. Ìtàn yẹn ni mo sọ fún dókítà mi tó fi ní kí wọ́n yẹ Lp(a), irú ọ̀rá kan, wò nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Èsì ti dé: 232 nmol/L. LDL mi jẹ́ 3.4 mmol/L, ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà ní 138 lórí 86, n kò ní ìtọ̀ ṣúgà, n kì í fa sìgá, mo sì máa ń sáré déédéé.

Ohun tí dókítà sọ ló ń jà mí láyà. Ó ní kò sí oúnjẹ tí mo lè jẹ tàbí tí mo lè fi sílẹ̀ tí nọ́ńbà yẹn máa fi wálẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí wá ni èèyàn ń ṣe? Mo ní ọmọ méjì, ọkùnrin jẹ́ ọdún 16, obìnrin jẹ́ ọdún 11. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà n'Ìbàdàn, màmá wa sì wà lọ́dọ̀ wọn, ẹni ọdún 76.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Àbúrò mi, ẹ má fòyà. Kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù tèmi náà ga. Mo dín ẹran jíjẹ kù, mo fi ẹja rọ́pò rẹ̀, mo pa gbogbo díndín tì, mo ń jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa, mo sì ń rìn láràárọ̀. Nígbà tí mo padà lọ ṣe àyẹ̀wò, ó ti wálẹ̀ gan-an. Àwọn dókítà ìlú òyìnbó kò mọ oúnjẹ wa ni wọ́n ṣe ń sọ pé oúnjẹ ò ṣiṣẹ́. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó gbà fún wọn.

Fúnmi, òṣìṣẹ́ làbù, Mánṣẹ́sítà

Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ohun tí ẹ ṣe yẹn dára. Ṣùgbọ́n LDL lẹ mú wálẹ̀, Lp(a) kọ́. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí Àbẹ̀kẹ́ ń béèrè.

Mo ń ṣiṣẹ́ ní làbù tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ọ̀rọ̀ ọ̀rá, ojoojúmọ́ là ń rí i. LDL ló ń gbé ọ̀rá káàkiri inú ẹ̀jẹ̀. Lp(a) náà jẹ́ irú rẹ̀, àmọ́ ó ní purotéènì kan tó gùn tó so mọ́ ọn lára. Ẹ wo alábàárù ọjà Bódìjà tó gbé ẹrù, tí okùn ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: okùn yẹn ló ń há mọ́ ibi tí kò yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Lp(a) ṣe ń há mọ́ ara òpójẹ̀, ó sì máa ń gbé ọ̀rá tó ti bàjẹ́ dání, èyí tó ń mú kí ara òpójẹ̀ wú, kó sì máa dí díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní LPA ló sì ń pàṣẹ iye tí ẹ̀dọ̀ máa ṣe. Ẹ̀dà méjì ni kálukú ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí purotéènì yẹn bá kúrú, ó rọrùn fún ẹ̀dọ̀ láti ṣe é jáde, iye rẹ̀ á sì pọ̀. Bó bá gùn, ẹ̀dọ̀ kì í lè ṣe púpọ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjì tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà fi lè wà ní 10 àti 300 nmol/L. Láti bí ọmọ ọdún márùn-ún ni nọ́ńbà èèyàn ti máa ń dé ibi tó máa wà títí ayé. Sísáré kì í yí i padà. Kódà, bí èèyàn bá dín ọ̀rá ẹran àti bọ́tà kù, LDL á wálẹ̀, ṣùgbọ́n Lp(a) lè gòkè díẹ̀.

Torí náà, dókítà yín sọ òótọ́, Àbẹ̀kẹ́. Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ jẹ ló fà á.

Dèjì, Hústọ̀n

Ẹ bá mi wò ó. Tèmi jẹ́ 60 nígbà tí mo ṣe é. Tó bá jẹ́ pé 232 ni ti arábìnrin wa, a jẹ́ pé tèmi ò tiẹ̀ tó nǹkan. Mo rántí ọ̀gbẹ́ni Bob Harper tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní eré ìdárayá lórí tẹlifíṣọ̀n níbí. Lọ́dún 2017, ẹni ọdún 51 ni nígbà tí ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ nínú jíìmù ní Niú Yọ́ọ̀kì, dókítà kan tó wà níbẹ̀ ló ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé Lp(a) òun ga. Ta ló tún lè ṣe eré ìdárayá ju ìyẹn lọ?

Fúnmi, òṣìṣẹ́ làbù, Mánṣẹ́sítà

Dèjì, kí ni wọ́n kọ sí iwájú 60 yẹn lórí ìwé èsì?

Dèjì, Hústọ̀n

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni. mg/dL ni wọ́n kọ.

Fúnmi, òṣìṣẹ́ làbù, Mánṣẹ́sítà

Mo fura sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyẹn. mg/dL ń wọn ìwúwo rẹ̀, nmol/L ń ka iye rẹ̀. Nítorí pé gígùn purotéènì yẹn yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí èkejì, kò sí ìṣirò kan tó lè yí ọ̀kan sí èkejì láìṣì. Àmọ́ téèyàn bá kàn fẹ́ fojú díwọ̀n, á sọ mg/dL di ìlọ́po méjì tàbí méjì àbọ̀. 60 yín á bọ́ sáàárín 120 sí 150 nmol/L. Àwọn onímọ̀ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù sọ lọ́dún 2022 pé tó bá ti kọjá 50 mg/dL, tàbí 125 nmol/L, ó ti ga. Ẹ ti wọ ibẹ̀ o. Ẹ mú ìwé yẹn padà tọ dókítà yín lọ.

Ẹ̀yin tó kù, nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ń sọ nọ́ńbà yín fún ẹnikẹ́ni, ẹ bá mi fi ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n sí i.

Ìyá Tómi, Bámíńgáàmù

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Wọ́n fún mi ní sítátíìnì. Lp(a) mi wà ní 180 nmol/L kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ó ti di 196. Oògùn tí wọ́n ní kó wò mí ló tún gbé e ga sí i, ni mo bá dá a dúró. Kí Àbẹ̀kẹ́ ṣọ́ra fún un.

Dókítà Táyọ̀, oníṣègùn ìdílé, Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá Tómi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ bá wọn sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Òótọ́ lẹ rí i, sítátíìnì kì í mú Lp(a) wálẹ̀, ó sì lè gbé e ga díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí Lp(a) ni wọ́n ṣe fún yín. LDL ni wọ́n fẹ́ kó gbá mú. Lp(a) wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ò sì lè fọwọ́ kàn án, torí náà àwọn nǹkan yòókù tó ń ba òpójẹ̀ jẹ́ la máa ń mú wálẹ̀ ju bá a ṣe máa ṣe fún ẹlòmíràn lọ. Ohun tí sítátíìnì ń yọ kúrò nínú ewu yín tóbi ju 16 tó fi kún un lọ. Kí ni LDL yín ṣe lásìkò yẹn?

Ìyá Tómi, Bámíńgáàmù

Ó wálẹ̀ láti 4.1 sí 2.2. Ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn fún mi. Màá pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la.

Sẹ́gun, Èkó

Ẹ máa wo bí wọ́n ṣe ń fi ohun tó rọrùn pamọ́. Naiasíìnì, ìyẹn fítámì B3, ń mú Lp(a) wálẹ̀. Mo ti kà á, kò sì wọ́n. Mo ń lò ó.

Dókítà Táyọ̀, oníṣègùn ìdílé, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n Sẹ́gun, ó ń mú nọ́ńbà náà wálẹ̀ lóòótọ́, a ò sì fi í pamọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n dán an wò nínú ìwádìí ńlá méjì, èyí tó jáde lọ́dún 2011 àti èyí tó jáde lọ́dún 2014, tí ìkejì lé ní 25,000 èèyàn. Wọ́n fi í kún sítátíìnì, wọ́n sì wò ó bóyá àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ máa dín kù. Kò dín kù. Àwọn tó lò ó tiẹ̀ tún ń ní ìtọ̀ ṣúgà, kòkòrò àìsàn àti ẹ̀jẹ̀ dídà ju àwọn yòókù lọ. Ìdí nìyẹn tá ò fi ń kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí Lp(a). Ẹ jẹ́ kí dókítà yín yẹ ẹ̀dọ̀ àti ṣúgà yín wò, bó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń lò ó.

Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ ká padà sí ti yín. Pẹ̀lú 232 nmol/L, ìwé ìtọ́nisọ́nà táwọn HEART UK, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù, ṣe níbí máa pè é ní ewu tó ga, torí 200 sí 400 ni ìpele yẹn. Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ rí jíípíì yín, ìyẹn dókítà ìdílé yín. QRISK3, ẹ̀rọ ìṣirò tá a fi ń wo ewu ọdún mẹ́wàá, kò ka Lp(a) rárá. Bí wọ́n bá tẹ nǹkan yín sínú rẹ̀, ó máa sọ pé ewu yín kéré, torí ẹ jẹ́ obìnrin ẹni ọdún 44 tí kì í fa sìgá. Ẹlòmíràn máa wá sọ pé kẹ́ ẹ lọ máa sinmi. Ẹ mú ìwé èsì dání, kẹ́ ẹ sì sọ iye ọdún tí bàbá wà nígbà tí wọ́n kú. Àwọn nǹkan méjèèjì yìí ló ń yí ọ̀rọ̀ padà.

Ohun tí ìwé yẹn ń wá ni pé kí kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù tí kì í ṣe HDL, ìyẹn gbogbo rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń pè ní dáadáa, wá sábẹ́ 2.5 mmol/L. LDL nìkan lẹ kọ síbí, ẹ béèrè nọ́ńbà kejì yẹn lọ́wọ́ wọn. LDL 3.4 pẹ̀lú atofasítátíìnì 20 mg lálaalẹ́, ó ṣeé ṣe kó wá sí nǹkan bíi 2.0. Bí ẹ bá ṣì ń ronú oyún, ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru 138 lórí 86 kò tíì di àìsàn, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ní Lp(a) báyìí, n kò ní fojú fò ó. Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ apá, ẹ máa wọ̀n ọ́n nílé láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi iyọ̀ àti magí sí ìwọ̀n nínú ọbẹ̀, ìyẹn ni oúnjẹ ti lè ṣe nǹkan fún yín.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, mo ti rí ìyàtọ̀ rẹ̀ báyìí. Àmọ́ ìyẹn wá túmọ̀ sí pé kí ẹni tó ní i máa jẹ ohun tó bá wù ú? Bí kò bá lè wálẹ̀, kí ni ìyà eré sísá wà fún?

Fúnmi, òṣìṣẹ́ làbù, Mánṣẹ́sítà

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n wo ọ̀rọ̀ yìí lára àwọn ará Nọ́fọ́ọ̀kì níbí. Nínú àwọn tí Lp(a) wọn ga, wọ́n fi àwọn tó ń ṣètọ́jú ara wọn dáadáa wé àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀: sìgá, ìwọ̀n ara, oúnjẹ, eré ìdárayá, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù. Ewu àìsàn ọkàn àwọn tó ń ṣètọ́jú ara wọn jù fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kéré sí ti àwọn tó pa á tì jù. Lp(a) wọn ò wálẹ̀ o. Ohun yòókù tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló dín kù. Àbẹ̀kẹ́, ẹ máa bá eré yín lọ.

Dèjì, Hústọ̀n

Mo gbọ́ pé tàwa dúdú máa ń ga ju ti òyìnbó lọ. Ṣé kì í ṣe pé tiwa jẹ́ bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, tí 125 yẹn sì jẹ́ òṣùwọ̀n wọn?

Fúnmi, òṣìṣẹ́ làbù, Mánṣẹ́sítà

Ìbéèrè gidi nìyí. Nínú àwọn bí 460,000 èèyàn tó wà nínú ìwádìí UK Biobank níbí, ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn láàárín àwọn aláwọ̀ funfun ní 19 nmol/L, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ó jẹ́ 75. Nítorí náà, tiwa ga lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ kò sọ ọ́ di aláìléwu. Lápapọ̀, gbogbo 50 nmol/L tó bá gorí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu. Ohun tí kò tíì yé wa ni bóyá iye yẹn gan-an ló bá tiwa mu, torí àwọn dúdú tó wà nínú rẹ̀ kéré níye sí àwọn yòókù gan-an. Èmi ò ní gbé òṣùwọ̀n kúrò fún ara mi títí wọ́n á fi ka àwa náà tó.

Dókítà Táyọ̀, oníṣègùn ìdílé, Lọ́ńdọ̀nù

Mo gbà pẹ̀lú Fúnmi. Mo tún fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́. Gbogbo wa ti gbà pé ọ̀dọ̀ bàbá ló ti wá. Ó lè máà rí bẹ́ẹ̀. Báwo ni màmá ṣe ń ṣe? Ṣé wọ́n máa ń mí gúlegúle tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn? Ṣé òòyì máa ń kọ́ wọn?

Àbẹ̀kẹ́, Lútọ̀n

Ha! Dókítà, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé màmá ò lè dá rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láìdúró sinmi. A rò pé ọjọ́ orí ni. Dókítà kan níbẹ̀ sọ pé òun ń gbọ́ ariwo kan nínú ọkàn wọn, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Dókítà Táyọ̀, oníṣègùn ìdílé, Lọ́ńdọ̀nù

Lp(a) kì í dí òpójẹ̀ nìkan. Ó tún máa ń jẹ́ kí ìlẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú ọkàn le gbagidi, kó sì dín, lọ́jọ́ ogbó. Èémí tó ń gé, òòyì, dídákú àti àyà dídùn nígbà iṣẹ́ làwọn àmì rẹ̀. Ariwo tí dókítà gbọ́ yẹn kò yẹ kó parí síbẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n yín gbé wọn lọ ṣe ẹ́kò, ìyẹn ni wọ́n fi ń wo ọkàn bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́. N kò sọ pé bó ṣe rí nìyẹn o, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń fa èémí gígé lọ́jọ́ orí wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an wà lára wọn. Ẹ́kò ló máa sọ.

Kí ẹ̀gbọ́n yín náà ṣe àyẹ̀wò Lp(a). Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tó láyé fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì nílò kéèyàn máa fi ebi pa ara rẹ̀. Kó má kàn lọ ṣe é nígbà tí ara rẹ̀ ò bá yá. Bí kídìnrín tàbí tairọ́ọ̀dì bá ń ṣe èèyàn, nọ́ńbà náà lè yí padà, a sì máa ń tún un ṣe. Fún obìnrin, ó lè gòkè díẹ̀ nígbà tí nǹkan oṣù bá dá.

Ìyá Tómi, Bámíńgáàmù

Àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi ò fẹ́ kí ọmọ ọdún 11 máa rò pé òun ti ní àìsàn ọkàn.

Fúnmi, òṣìṣẹ́ làbù, Mánṣẹ́sítà

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ló gbé ti Àbẹ̀kẹ́ ga, bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè gba ẹ̀dà yẹn tàbí kó gba èkejì, bákan náà ni àǹfààní rẹ̀ rí fún méjèèjì. Ti ọmọkùnrin ọdún 16 yẹn, màá ṣe é, torí ọjọ́ orí tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sìgá nìyẹn, ó sì yẹ kó mọ̀. Ti ọmọbìnrin, màá dúró díẹ̀.

Dókítà Táyọ̀, oníṣègùn ìdílé, Lọ́ńdọ̀nù

Níbí ni èmi àti Fúnmi ti yà. Èmi á ṣe ti àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lp(a) tó ga lára ọmọdé náà lè bá rọpárọsẹ̀ tan, bí irú rẹ̀ ò tiẹ̀ wọ́pọ̀, obìnrin náà sì máa tó dé ọjọ́ orí tí wọ́n ń fún wọn ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tí dókítà á fẹ́ mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òbí ló máa pinnu, n kò ní bínú sí ẹni tó dúró.

Sẹ́gun, Èkó

Ásípíríìnì ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n máa mu ọ̀kan lójúmọ́.

Dókítà Táyọ̀, oníṣègùn ìdílé, Lọ́ńdọ̀nù

Ó lè ran àwọn kan lọ́wọ́, àwọn ìwádìí kan tọ́ka síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú ikùn. A kò tíì ṣe ìwádìí tó gbé àwọn tí Lp(a) wọn ga kalẹ̀ pàtó fún un. Ẹ má dá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pàápàá pẹ̀lú naiasíìnì yẹn.

Tí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè oògùn tó ń mú Lp(a) fúnra rẹ̀ wálẹ̀: wọ́n ń dán wọn wò. Pẹlakásẹ̀n àti olupasírán jẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kọ́ kó má ṣe purotéènì gígùn yẹn jáde. Olupasírán mú nọ́ńbà náà wálẹ̀ ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2022. Ohun tá à ń wò ni bóyá nọ́ńbà tó wálẹ̀ máa dín ikú àti àìsàn ọkàn kù. Naiasíìnì ti kọ́ wa pé a ò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà nìkan ṣe ìdájọ́. Àwọn abẹ́rẹ́ tó ń mú LDL wálẹ̀ tó ti wà nílẹ̀, bí ẹfolokúmábù, máa ń mú Lp(a) wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 20 sí 30, àmọ́ kì í ṣe ẹni tí LDL rẹ̀ jẹ́ 3.4 ni wọ́n ń fún níbí.

Àbẹ̀kẹ́, Lútọ̀n

Ẹ kú àdúrótì, gbogbo yín. Mo ní kí n wá jíṣẹ́. Jíípíì mi kọ́kọ́ sọ pé QRISK mi kéré, gẹ́gẹ́ bí Dókítà ṣe sọ. Nígbà tí mo fi ìwé hàn án, ó fún mi ní sítátíìnì, ó sì fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rá ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí làbù aládàáni tó ń ṣe Lp(a), tiwọn jẹ́ 21 mg/dL. Wọ́n ń yọ̀, wọ́n ní àwọn ti bọ́.

Fúnmi, òṣìṣẹ́ làbù, Mánṣẹ́sítà

21 mg/dL á bọ́ sí nǹkan bí 42 sí 53 nmol/L. Wọn ò ga, mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti LDL wọn. A ò mọ ohun tó pa bàbá, ó sì lè máà jẹ́ Lp(a) rárá. Màmá ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́, Lútọ̀n

Ọjọ́ Ẹtì ni ẹ́kò wọn. Mo ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún Lp(a) lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì kọ mg/dL tàbí nmol/L sí i gbangba.